Ohun tí onídùúró ń wá nínú fáìlì agbaṣẹ́ṣe

Ọjọ́ tí lẹ́tà iṣẹ́ bá tẹ agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́, ilé á dùn, ọ̀nà á dùn. Ọjọ́ kejì ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti kí i kú oríire nínú lẹ́tà náà, gbólóhùn kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í fara balẹ̀ kà: kọ́bọ̀ kò ní jáde nínú owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí gbogbo ayé ń pè ní mobiláísẹ́ṣọ̀n, àfi tí agbaṣẹ́ṣe bá mú onídùúró wá. Onídùúró náà lè jẹ́ báǹkì, ó sì lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Báǹkì sábà máa ń fẹ́ kí èèyàn ti owó mọ́ ọn lọ́wọ́ tàbí kó fi ìwé ilé ṣe ìdógò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe tí ọwọ́ wọn kò tíì gbòòrò fi ń forí lé ọ̀dọ̀ adójútòfò.

Fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òfin ọdún 2007 lórí ọjà rírà àti iṣẹ́ gbígbé fún agbaṣẹ́ṣe ló là á sílẹ̀. Nígbà tí òfin náà kọ́kọ́ jáde, Ẹ̀ka 35 sọ pé owó ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iye iṣẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe inú Nàìjíríà, ìwé ìdúró láti báǹkì tàbí láti ọ̀dọ̀ adójútòfò gbọ́dọ̀ ṣáájú owó náà, ìdúró tí kò ní “ṣùgbọ́n” kankan nínú. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n pe àwọn ará òkè òkun sí, ti báǹkì nìkan ni òfin náà dárúkọ. Ẹ̀ka 36 wá mú ìdúró kejì wọlé, ìyẹn ìdúró àṣeparí, tó ń fi ọkàn ẹni tó ni iṣẹ́ balẹ̀ pé iṣẹ́ kò ní dá dúró lágbedeméjì. Ìdúró yìí kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iye iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kéré sí owó ìbẹ̀rẹ̀ tí agbaṣẹ́ṣe béèrè. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń mú.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé agbaṣẹ́ṣe máa ń rò pé adójútòfò lòun fẹ́ rà, bí ìgbà tó ra ti mọ́tò. Adójútòfò mọ́tò mọ̀ pé mọ́tò á forí gbárí. Ó ti ka àdánù mọ́ owó tó ń gbà lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, bó bá sì san án tán, ó tán nìyẹn. Ìdúró kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ẹni tó ni iṣẹ́, ẹni tó gba iṣẹ́, àti ẹni tó dúró láàrin. Bí ẹni tó gba iṣẹ́ bá já ọwọ́ sílẹ̀, onídùúró á san owó fún ẹni tó ni iṣẹ́, á sì yíjú padà sí agbaṣẹ́ṣe pé kó dá gbogbo rẹ̀ padà. Orúkọ àti agbára ló yá agbaṣẹ́ṣe, kò bá a gbé ẹrù. Nítorí náà, ojú tí ayánilówó fi ń wo ẹni tó wá yáwó ni òṣìṣẹ́ adójútòfò fi ń wo fáìlì tó bá wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ lẹ́tà ìbéèrè rẹ̀ láìmọ èyí, ìwé tí kò wúlò ló máa kó jọ.

Ká sọ pé agbaṣẹ́ṣe kan wà n’Íbàdàn, ká máa pè é ní Ẹnjiníà. Àfiṣàpẹẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sí ọ́fíìsì adójútòfò rí kò ní rò pé àlá ni. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan gbé ọ̀nà kìlómítà kan àti díẹ̀ fún un, pẹ̀lú gọ́tà lọ́tùn-ún lósì, ní mílíọ̀nù 240 náírà, kó parí rẹ̀ láàrin oṣù mẹ́wàá. Ó béèrè ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún owó ìbẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù 36. Ó wá kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò nípasẹ̀ alágbàtà wọn kan ní Dùgbẹ̀, pé òun fẹ́ ìdúró méjì: ti owó ìbẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù 36, àti ti àṣeparí, mílíọ̀nù 24.

Lẹ́tà náà padà kí wọ́n tó ṣí ojú ìwé kejì. Ìdá 10 nínú mílíọ̀nù 240 ni 24 lóòótọ́, ṣùgbọ́n 36 ló béèrè fún ìbẹ̀rẹ̀, 36 sì ni ìdúró àṣeparí náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Àpapọ̀ tí adójútòfò máa kọ sínú ìwé rẹ̀ pé òun dúró fún nítorí Ẹnjiníà kì í ṣe 60 mọ́, mílíọ̀nù 72 ni. Ká ní ó béèrè mílíọ̀nù 24 péré fún ìbẹ̀rẹ̀ ni, ìdúró méjèèjì ì bá jẹ́ mílíọ̀nù 48. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ni kì í ṣe ìṣirò yìí kí wọ́n tó máa béèrè gbogbo ohun tí òfin gbà wọ́n láyè.

Àwọn ìwé tó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò nira láti kó jọ. Lẹ́tà ìgbéṣẹ́fúnni àti lẹ́tà tí Ẹnjiníà fi gba iṣẹ́ náà ló ṣáájú. Ìwé àdéhùn tẹ̀ lé e, àti ìwé òṣùwọ̀n àti iye owó iṣẹ́, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bí-ó-kíù. Ó fi ètò iṣẹ́ láti oṣù dé oṣù kún un, àti ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí iléeṣẹ́ ìjọba fẹ́ kí wọ́n kọ sínú ìwé ìdúró. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ti ń rò lọ, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló máa sọ ìgbà tí wọ́n lè pe owó àti ọjọ́ tí ìdúró máa parí. Bí kò bá ti sí ọjọ́ ìparí níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò ní fọwọ́ sí i.

Ohun kan tún wà tí òṣìṣẹ́ náà bi í, tí kò retí. Ọmọbìnrin kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa ló jókòó ti fáìlì rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, èèyàn mélòó ló bá yín du iṣẹ́ yìí? Èló sì ni ẹni tó tẹ̀ lé yín pè é?”

Kì í ṣe àṣírí. Òfin 2007 ní kí wọ́n ṣí ìwé ìdíje ní gbangba, kí wọ́n sì ka iye tí oníkálukú pè sétí gbogbo wọn. Mílíọ̀nù 291 ni ẹni tó tẹ̀ lé Ẹnjiníà pè é. Ìyàtọ̀ mílíọ̀nù 51 wà láàrin wọn, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún iye tí òun pè. Ẹnjiníà rò pé ìyẹn yẹ kó mú inú onídùúró dùn, torí òun ló mọ ọgbọ́n ìdíje. Òdìkejì ni. Bí ẹnì kan bá fi tó báyẹn wà nísàlẹ̀ gbogbo ìyókù, ó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé nǹkan kan nínú ìṣirò rẹ̀, owó tí kò kà mọ́ ọn yìí á sì fara hàn nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì. Ohun tó gba Ẹnjiníà sílẹ̀ ni pé òun ló ni gírédà àti katakata tó fẹ́ lò, àwọn yòókù sì ka owó háyà mọ́ tiwọn. Ó mú ìwé àwọn ẹ̀rọ náà wá, ó sì tún bí-ó-kíù ṣí lójú òṣìṣẹ́ náà láti fi ibi tí ìyàtọ̀ wà hàn án. Ká ní kò rí àlàyé ṣe ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá dópin sí.

Ìwé owó ló wá kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti gbóná. Ìwé ìṣirò ọdún mẹ́ta tí ọ̀dítọ̀ ti yẹ̀ wò tó sì fọwọ́ sí ni wọ́n sábà máa ń béèrè, pẹ̀lú ìwé báǹkì oṣù bíi mẹ́fà. Èrè tí Ẹnjiníà jẹ lọ́dún tó kọjá ló kọ́kọ́ ń nàka sí, nítorí ó pọ̀. Òṣìṣẹ́ náà kò tilẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Ojú ìwé tó ń sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ní àti ohun tó jẹ ló ṣí, ó sì fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà méjì: ohun tó lè di owó láàrin ọdún kan, mílíọ̀nù 95, àti gbèsè tó gbọ́dọ̀ san láàrin ọdún kan náà, mílíọ̀nù 48. Bí wọ́n bá yọ èkejì nínú àkọ́kọ́, mílíọ̀nù 47 ló kù. Ìyẹn ni owó ìṣiṣẹ́ rẹ̀, ohun tó máa fi ra símẹ́ǹtì àti òkúta, tó máa fi san owó lébìrà, nígbà tí ìjọba kò bá tíì sanwó.

Lórí ìwé ni ìyẹn. Òṣìṣẹ́ náà wá ń tú mílíọ̀nù 95 náà sí wẹ́wẹ́. Mílíọ̀nù 18 wà ní báǹkì. Mílíọ̀nù 41 wà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ Ẹnjiníà lówó iṣẹ́. Símẹ́ǹtì, irin àti páìpù tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí tó mílíọ̀nù 22. Mílíọ̀nù 14 tó kù ni wọ́n kọ “ẹ̀yáwó fún olùdarí” sí.

“Olùdarí wo ni, sà?”

“Èmi náà ni. Mo fi ń parí ilé kan l’Ábẹ́òkúta.”

Ó fa ìlà lé mílíọ̀nù 14 náà. Kì í ṣe pé ó ka Ẹnjiníà sí olè. Owó tó ti di búlọ́ọ̀kù àti páànù l’Ábẹ́òkúta kò lè ra òkúta sí ojú iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ó bọ́ sórí mílíọ̀nù 41 tí wọ́n jẹ ẹ́, ó sì rí i pé 22 nínú rẹ̀ ti lé lọ́dún kan tí ìjọba ìpínlẹ̀ kan ti wà lórí rẹ̀. Ìyẹn náà lọ. Ó dá ẹrù ilé ìkẹ́rùsí sí méjì, ó ka ìdajì péré, nítorí bí onígbèsè bá ta irin ní kánjúkánjú, kò lè rí iye tó fi rà á. Ohun tó ṣẹ́ kù ni 18 ní báǹkì, 19 lọ́wọ́ àwọn tó ṣì ń sanwó, àti 11 lára ẹrù. Àpapọ̀ rẹ̀ ni mílíọ̀nù 48. Gbèsè ọdún kan sì ni mílíọ̀nù 48. Owó ìṣiṣẹ́ mílíọ̀nù 47 ti di òfo láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìsí irọ́ kankan nínú ìwé tí ọ̀dítọ̀ fọwọ́ sí.

Ojú agbaṣẹ́ṣe máa ń pọ́n níbí, wọ́n á ní adójútòfò ń fi ọgbọ́n dá àwọn padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dítọ̀ ń wo ọjọ́ tó ti kọjá, ó ń sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ní. Onídùúró ń wo oṣù mẹ́wàá tó ń bọ̀, ó ń béèrè èyí tó lè tètè di owó nínú rẹ̀. Ìbéèrè méjì ni, èsì wọn kò sì ní láti bára mu.

Ìwé kan tún wà tí agbaṣẹ́ṣe wa kì í sábà mú lọ àfi tí wọ́n bá béèrè, bẹ́ẹ̀ ó ń sọ púpọ̀ ju ìwé ọ̀dítọ̀ lọ: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́. Iṣẹ́ mìíràn kan ṣoṣo ni Ẹnjiníà ní lọ́wọ́, kíláàsì ilé-ìwé kan tí wọ́n gbé fún un ní mílíọ̀nù 100, tó ṣírò pé yóò ná òun ní 80. Ó ti ná 32. Ìyẹn túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà ti dé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, owó tó sì tọ́ sí i títí di ìsinsìnyí ni mílíọ̀nù 40. Ṣùgbọ́n 60 ló ti gbà. Ó ti gba mílíọ̀nù 20 ṣáájú iṣẹ́. Ọ̀dítọ̀ rẹ̀ mọṣẹ́, ó ti ka 20 yìí mọ́ gbèsè rẹ̀, nítorí náà kò yí ìṣirò tó wà lókè padà. Ohun tó fi hàn ni ibi tí owó wà. Mílíọ̀nù 40 ló kù tí yóò gbà lórí ilé-ìwé náà, 48 ló sì kù tí yóò ná. Mílíọ̀nù mẹ́jọ gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá kí kíláàsì náà tó lórí. Mílíọ̀nù 18 tó ń dán ní báǹkì, owó ilé-ìwé ló wà níbẹ̀. Bó bá gbé e lọ sí ojú ọ̀nà tuntun yìí, ilé-ìwé á dúró. Bí ilé-ìwé bá dúró, owó ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ló máa gbé lọ parí rẹ̀.

Àrùn tó ń pa agbaṣẹ́ṣe jù nìyí, onídùúró sì mọ̀ ọ́n dáadáa: kí wọ́n máa fi owó iṣẹ́ tuntun parí iṣẹ́ àtijọ́, títí ọjọ́ tí iṣẹ́ tuntun kò ní sí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń ṣe ilé-iṣẹ́ kan, kó wo èrè tí wọ́n ṣírò nígbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, kó fi wé èyí tó kù nígbà tó parí. Bó bá ń dín ní gbogbo ìgbà, a jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe náà kì í mọ iye tí iṣẹ́ ń náni àfi tó bá parí rẹ̀ tán.

Wọn kò lé Ẹnjiníà padà. Ìlànà kan wà tí àwọn onídùúró ń fi ojú díwọ̀n, kì í ṣe òfin, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀: kí owó ìṣiṣẹ́ gidi tó bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tó wà níwájú agbaṣẹ́ṣe. Ọ̀nà tuntun jẹ́ 240, ìyókù ilé-ìwé jẹ́ 60, àpapọ̀ 300. Mílíọ̀nù 30 ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ ẹni tí kò ní nǹkankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún un.

Ó ta ilẹ̀ kan, ó sì dá mílíọ̀nù 14 tó yá padà sínú àpò ilé-iṣẹ́, ìwé báǹkì sì jẹ́rìí sí i. Ìyàwó rẹ̀ ló ní ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sí nínú fáìlì. Ó lọ jókòó ti iléeṣẹ́ tó jẹ ẹ́ ní 22, wọ́n san 12 nínú rẹ̀. Báǹkì rẹ̀ gbà kí mílíọ̀nù 10 nínú gbèsè ọdún kan di èyí tó máa san fún ọdún mẹ́ta. Mẹ́rìnlá, méjìlá àti mẹ́wàá: owó ìṣiṣẹ́ tó jẹ́ òfo di mílíọ̀nù 36. Èyí ló yí ọkàn ìgbìmọ̀ adójútòfò náà padà.

Kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀, wọ́n gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ tí kì í gùn, àmọ́ tó wúwo ju gbogbo ìyókù lọ. Ìwé ẹ̀jẹ́ ìsanpadà ni. Níbẹ̀ ni Ẹnjiníà àti olùdarí kejì ti gbà pé ohunkóhun tí adójútòfò bá san nítorí àwọn ìdúró yìí, àti owó agbẹjọ́rò tó bá ná, àwọn máa dá a padà, kì í ṣe láti inú àpò ilé-iṣẹ́ nìkan, láti inú àpò ara wọn pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ máa ń jẹ́ ògiri láàrin gbèsè rẹ̀ àti ilé olówó rẹ̀. Ìwé yìí lu ihò sára ògiri náà. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí i láìjẹ́ pé agbẹjọ́rò tirẹ̀ ti kà á. Adójútòfò náà tún ní kí owó ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ sínú akáúntì tí aṣojú àwọn náà yóò máa fọwọ́ sí, kó má di pé ilé-ìwé tàbí Abẹ́òkúta ló gbà á. Lẹ́yìn èyí ló san owó orí ìdúró. Láti ìgbà òfin adójútòfò ti ọdún 2003 ni ìlànà ti wà pé bí owó kò bá wọlé, kò sí ààbò, nítorí náà àwìn kò sí níbẹ̀.

Ó tún yẹ kí agbaṣẹ́ṣe mọ irú onídùúró tí òun ń bá ṣe. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló máa sọ bóyá òun gba ìwé wọn tàbí òun kò gbà á, òfin sì fún un lágbára náà. Òfin àtúnṣe iṣẹ́ adójútòfò tó jáde lọ́dún 2025 ti gbé owó ìpìlẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí kì í ṣe ti ẹ̀mí gbọ́dọ̀ ní dé bílíọ̀nù 15 náírà ó kéré tán. Bíbéèrè ìwé àṣẹ wọn láti ọ̀dọ̀ àjọ NAICOM kí owó tó kúrò lọ́wọ́ kì í ṣe àfojúdi. Ayédèrú ìwé ìdúró wà nígboro, iléeṣẹ́ ìjọba tó bá já fáfá sì máa ń kọ̀wé tààrà sí olú ilé-iṣẹ́ adójútòfò láti béèrè bóyá àwọn ló kọ ọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ìdúró méjèèjì kì í rìn bákan náà. Òfin sọ pé lẹ́yìn owó ìbẹ̀rẹ̀, owó mìíràn kò gbọdọ̀ jáde láìsí sátífíkéètì pé iṣẹ́ ti dé ibi báyìí. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí sátífíkéètì mílíọ̀nù 60 fún Ẹnjiníà, tí wọ́n sì ń yọ ìdá 15 nínú rẹ̀ láti fi gba owó ìbẹ̀rẹ̀ padà, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ nìyẹn, ohun tó sì kù lórí ìdúró owó ìbẹ̀rẹ̀ di 27. Ṣùgbọ́n kì í dín kù fúnra rẹ̀. Àfi bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdúró pé yóò máa dín kù bí wọ́n bá ti ń yọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mílíọ̀nù 36 ló máa jẹ́ títí dé òpin. Ìdúró àṣeparí ní tirẹ̀ kì í sún kúrò ní 36 títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Nítorí pé kò sí “ṣùgbọ́n” nínú ìdúró owó ìbẹ̀rẹ̀, bí iléeṣẹ́ ìjọba bá kọ̀wé pé agbaṣẹ́ṣe ti kùnà, adójútòfò máa san ni. Bí Ẹnjiníà bá ní ìjọba ló jẹ òun lówó sátífíkéètì tó fi dá iṣẹ́ dúró, ẹjọ́ tirẹ̀ àti ti ìjọba nìyẹn, kò lè fi dá owó ìdúró dúró. Ohun tó lè ṣe ni kó tètè sọ fún onídùúró. Òfin 2007 ka owó tó bá ti ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ láti ọjọ́ tó fi ìwé owó sílẹ̀ sí èyí tó pẹ́, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí èlé tí àdéhùn bá sọ. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fi ẹ̀dà lẹ́tà ìbéèrè owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí adójútòfò ní ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta ń fún wọn láyè láti bá ẹni tó ni iṣẹ́ sọ̀rọ̀ kí ìbínú tó dé. Ẹni tó bá dákẹ́ títí wọ́n fi pe owó ti sọ wọ́n di alátakò rẹ̀.

Bí ọ̀nà bá wá parí, tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ Ẹnjiníà, ó kù kó lọ gba ojúlówó ìwé ìdúró méjèèjì padà ní iléeṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú lẹ́tà pé wọn kò ní ohunkóhun lórí rẹ̀ mọ́, kó sì kó wọn lọ fún adójútòfò. Àwọn kan á ní iṣẹ́ ti parí, kí ni ìwé fẹ́ ṣe. Títí ìwé yẹn yóò fi padà dé, adójútòfò lè máa kà á sí orúkọ rẹ̀ pé ó ṣì wà lábẹ́ ìdúró. Bó bá tún mú iṣẹ́ mílíọ̀nù 200 wá lọ́dún tó ń bọ̀, ibi tí àyè rẹ̀ ti dín kù yẹn ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.